Àtẹ̀jíṣẹ́ bálánsì: bí alásè kan ní Muṣin ṣe tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé

Alásè tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Muṣin. Oúnjẹ òde ni iṣẹ́ rẹ̀: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àgbàlagbà. Èmi ni mo máa ń bá òun àti àwọn alásè mélòó kan ládùúgbò wa ṣe ìṣirò owó, tí mo sì máa ń bá wọn kọ èyí tó bá gba kíkọ. Ìdí nìyẹn tó fi fi gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí hàn mí, tó sì gbà pé kí n sọ ọ́ fún àwọn alásè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà kan, ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ìyá náà kan, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ tíṣà fẹ̀yìn tì, ló wá bá alásè. Mọ́mì ni alásè ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á ṣe máa pè é. Wọ́n dúnàádúrà sí àwo 250, àwo kan ní 6,500 náírà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,625,000. Mọ́mì san 975,000 àsansílẹ̀, ó ku 650,000. Alásè kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí Mọ́mì lórí Wáàsáàpù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 650,000 yẹn, ohun tó kọ ni: “kí ọjọ́ tó pé.”

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú alásè, “kí ọjọ́ tó pé” túmọ̀ sí kó tó lọ sọ́jà. Lójú Mọ́mì, ó túmọ̀ sí kí àlejò tó jókòó. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín méjèèjì, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni alásè sì fi ń ná owó. Bí ẹ bá ti bá alásè Èkó rìn rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Àsansílẹ̀ máa ń lọ sórí ohun tí kì í bàjẹ́: àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, èlùbọ́, gáàsì, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ń di àwọn tó máa bá a sè àti àwọn tó máa gbé oúnjẹ kiri mú. Bálánsì ni owó ohun tútù. Fún òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú ni alásè yìí máa ń lọ sí odò ẹran ní Oko Ọba, Agége, tó sì máa ń mú adìyẹ wálé. Ọjọ́bọ̀ ni ti Máìlì 12, fún tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, nítorí ata gbọ́dọ̀ di lílọ, kó sì gbẹ lórí iná kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọjọ́ Ẹtì ni bíbọ ẹran àti dídín rẹ̀, mọ́jú Àbámẹ́ta ni ìrẹsì. Nítorí náà, bí bálánsì bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò wúlò mọ́ fún ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Alásè á ti yá owó ra ẹran, tàbí kó ti ra èyí tí kò pọ̀ tó.

Nǹkan kejì tún wà nílẹ̀. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, Mọ́mì gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ pé: “Ẹ bá wa fi ogójì àwo kún un o, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ló ń bọ̀.” Alásè dá a lóhùn pé, “Ó ti yé mi mà.” Kò sí ẹni tó dárúkọ owó nínú àwọn méjèèjì. Àwo 40 ní 6,500 jẹ́ 260,000. Nínú ìwé alásè, bálánsì ti di 910,000 láti ọjọ́ náà. Lọ́kàn Mọ́mì, 650,000 náà ló ṣì jẹ́. Bóyá ó tilẹ̀ rò pé alásè á gbọ́n ọn mọ́ ìyókù, bí alásè ṣe máa ń fi díẹ̀ pamọ́ fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà.

Nígbà tí òde ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, alásè ti fi ìkíni ránṣẹ́ sí Mọ́mì léraléra. “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìmúra o.” “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, Màmá ńkọ́?” Gbogbo rẹ̀ ni Mọ́mì dáhùn dáadáa, ó sì ń ṣàdúrà fún un. Alásè gbà pé òun ti fi ìkíni ta lólobó. Ọmọ Yorùbá ni Mọ́mì, ó yẹ kó mọ̀ pé alásè kì í ṣàdédé kíni lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń múra ìnáwó ń gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníkámẹ́rà, aránṣọ, onílù àti àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun. Kò sí bó ṣe máa mọ èyí tí owó wà nínú rẹ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni inú alásè ru, tó kọ èyí, tó sì kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi:

“Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó wa dà? Ọjọ́ ti súnmọ́, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Àwa náà ní àwọn tá a jẹ lówó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ o. Tí owó ò bá wọlé a ò ní dáná, kẹ́ ẹ má dá wa lẹ́bi o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láyọ̀. Ẹ ṣeun mà.”

“Mà” mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin àti ẹ jọ̀ọ́, síbẹ̀ àfojúdi ló máa jẹ́ létí ẹni tó bá kà á. “Owó wa dà?” ni a ń bi ẹni tó ti jẹ owó tán tó ń sá. Mọ́mì kò tíì jẹ gbèsè lójú ara rẹ̀. Òwe yẹn tún burú jù. Bí ọmọdé bá máa pa irú òwe bẹ́ẹ̀ lójú àgbà, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, á ní tótó ó ṣe bí òwe, á sì rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó bá ń pa á. Lórí Wáàsáàpù, kò sí ohùn tó máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí Mọ́mì máa kà ni pé ọmọ tó tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ sọ pé kì í ṣe àgbà.

“A ò ní dáná” ni mo bá alásè jà lé lórí jù. Ó ti gba 975,000. Ìrẹsì ti wà nílé, ó ti san owó fún àwọn alábàáṣiṣẹ́. Kò lè ṣe ohun tó fi ń halẹ̀, Mọ́mì náà sì mọ̀ pé kò lè ṣe é. Bí kò bá sì mọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ sí i lọ́kàn ni àsansílẹ̀ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì tó mọ alásè náà. Àdúrà tó wá tẹ̀ lé e dà bí ẹni ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún un kà: iye owó kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tó fẹ́ kí wọ́n san án kò sí níbẹ̀, ibi tí wọ́n máa san án sí kò sí níbẹ̀. Bí Mọ́mì bá tilẹ̀ fẹ́ sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, á ṣì ní láti béèrè pé èló ni.

Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun ti mú ọ̀rọ̀ líle kúrò, òun sì fi èyí ránṣẹ́: “Ẹ káàsán mà. Bálánsì yín jẹ́ 910,000. Ẹ bá wa san án kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣeun mà.”

Ní tòótọ́, kò sí èébú níbẹ̀. Iye wà, ọjọ́ wà. Èsì tó gbà jẹ́ ohùn kúkúrú: “910 báwo? Ṣebí 650 ló kù? Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ò lè jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan ìyá rẹ̀ láìfi tiyín kún un.” Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Alásè kọ àlàyé gígùn kan ránṣẹ́ nípa àwo 40, àmì búlúù jáde pé ó ti kà á, kò fèsì.

Níbi tó burú dé yìí ni mo ti rí ohun tí mi ò rí nínú ìwé ìṣirò. Ìbínú Mọ́mì ga ju 260,000 lọ. Ẹni tó bá kàn rí àṣìṣe nínú ìṣirò á sọ pé ẹ tún un wò. Èyí tó ní “ẹ ò lè jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan ìyá rẹ̀” ní ẹlòmíì lẹ́yìn tó ń fúngun mọ́ ọn. Mo sọ fún alásè pé kó má kọ ohunkóhun mọ́ títí á fi pè é. Kó pè é ní ìrọ̀lẹ́, kó má dárúkọ bálánsì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwo 40: pé òun gba ọ̀rọ̀ náà, òun kò sọ iye rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ má bínú mà; ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?

Ó pè é. Ìpè náà gùn, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ti Mọ́mì. Àwọn ọmọ ìyá márùn-ún ló ń náwó náà. Mọ́mì ló yọ púpọ̀ nínú 975,000 àkọ́kọ́ nínú owó ara rẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Owó tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun, ẹni tí àwọn yòókù ń fi tiwọn ṣọwọ́ sí, òun kì í sì í tú owó sílẹ̀ láìrí ohun tó ń sanwó fún. Ní gúrúùpù ẹbí, ó ti béèrè pé “owó oúnjẹ ku èló, fún kí ni?” Mọ́mì sì ti dáhùn pé 650. Ẹ wá wo ipò tó wà nígbà tí 910,000 wọlé: bó bá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n, á dà bí ẹni tó ń gbọ́wọ́ lé owó ẹbí. Ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá. A ti ń wá ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì máa kà tí owó á fi jáde lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí lápò rẹ̀. Ohun tó nílò ni ọ̀rọ̀ tó lè fọ́wáàdì sí gúrúùpù ẹbí bó ṣe wà, tí kò ní dójú tì í níbẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n tí kò rí alásè rí máa kà tí á fi yé e. Mo tún bi alásè pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń pàdé. Ó pè padà, Mọ́mì sọ pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni gbogbo wọn máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

A pín in sí méjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Mọ́mì nìkan, ó sì kúrú:

“Ẹ káàárọ̀ Mọ́mì. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ mi lánàá mà. Èmi ni mi ò sọ iye àwo ogójì yẹn fún yín nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́, kò sí nínú èyí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ báyìí. Ìwé owó oúnjẹ ló ń tẹ̀ lé èyí, ẹ lè fi han àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bó ṣe wà. Olúwa á jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún wa.”

Èkejì ni èyí:

“Oúnjẹ ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Màmá, Àbámẹ́ta ọjọ́ 14, gbọ̀ngàn Sùúrùlérè.
Àwo 250, ọ̀kọ̀ọ̀kan 6,500: 1,625,000 náírà.
Ẹ ti san: 975,000. A dúpẹ́.
Ó ku: 650,000.
Owó tó kù yìí la fi ń ra ẹran, adìyẹ, ẹja àti ata. Ọjọ́rú ọjọ́ 11 la máa lọ sí odò ẹran, nítorí náà a ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wọlé kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 tó lù. Bí kò bá pé tán lọ́jọ́ náà, ẹran àti adìyẹ la ó kọ́kọ́ rà, ẹja àti àsun á dúró de ìyókù.
Àkáǹtì kan náà tẹ́ ẹ fi owó àkọ́kọ́ sí ni.”

Orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì ló tẹ̀ lé e, mo yọ ọ́ kúrò níbí.

Ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú rẹ̀ ló gbà wá lákòókò. Alásè fẹ́ kọ “ẹ jẹ wá ní 650,000”. Òótọ́ ni lójú ìṣirò, ṣùgbọ́n nínú gúrúùpù ẹbí, Mọ́mì ni wọ́n máa rí bí ajigbèsè, torí òun ló bá alásè sọ̀rọ̀. “Ó ku” kò ka gbèsè sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. “Ẹ ti san” gbọ́dọ̀ ṣáájú “ó ku”, kí ẹ̀gbọ́n tó ń kà á kọ́kọ́ rí ohun tí àbúrò rẹ̀ ti ṣe. Alásè tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un pé ọjà ti wọ́n. Mo ní kó yọ ọ́. Kò béèrè owó lé e. Bó bá ti wá dárúkọ ọ̀wọ́n, ẹni tó wà lókè òkun á rò pé àfikún ló ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kì bá ti lágbára tí kì í bá ṣe odò ẹran tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí alásè bá kàn sọ ọjọ́, ẹni tó ń sanwó á rí i bí àṣẹ tó ṣeé tì síwájú. Bó bá sọ pé Ọjọ́rú ni ẹran, gbogbo ẹni tó ti náwó rí l'Ékòó mọ̀ pé a kì í ra ẹran òde lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ náà kì í ṣe ti alásè mọ́, ti ọjà ni.

Gbólóhùn ẹja àti àsun ló gba ipò “a ò ní dáná”. Alásè kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ó ní ó rọ̀ jù. Lójú tèmi, òun ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí òtítọ́ ni, ó sì ṣeé ṣe. Kò sí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n sọ níbi ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ pé àsun ò kárí. Ti àkáǹtì náà, a kọ ọ́ nítorí pé gbájúẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di oníyèméjì sí nọ́ńbà tó bá yí padà lójijì. Ẹ̀gbọ́n lè fi wé rìsíìtì owó àkọ́kọ́, kó rí i pé orúkọ kan náà ni. Alásè tó bá ní àkáǹtì méjì tó ń fi èyí gba àsansílẹ̀, tó ń fi ọ̀hún gba bálánsì, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ìdádúró.

Àwo 40 wá di ọ̀rọ̀ tirẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì nìkan lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ìwé owó: “Mọ́mì, ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá: àwo ogójì jẹ́ 260,000, ogún jẹ́ 130,000. Ẹ bá mi sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú mà. Bí mi ò bá gbọ́, 250 ni màá sè.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ká ní alásè kò sọ ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá dákẹ́, á tún bọ́ sínú “ó ti yé mi mà” kan náà, á sè é tán, kò ní rẹ́ni sanwó rẹ̀.

Mọ́mì fọ́wáàdì ìwé owó sí gúrúùpù láàárọ̀ Àbámẹ́ta náà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ránṣẹ́ sí alásè pé ẹ̀gbọ́n ti rí i, ó sì yé e. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kó jẹ́ ogún àwo, òun ló máa san ìyẹn fúnra òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 400,000 wọlé pẹ̀lú 130,000 ti Mọ́mì.

Kò pé, ìyẹn sì ni ibòmíì tí alásè ti máa ń ṣubú. Ìbínú ni ó fẹ́ fi dáhùn: “ó ku 250 o mà.” A kọ ọ́ báyìí: “530,000 ti wọlé mà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ti ogún àwo ti pé. Lórí ti àkọ́kọ́, ó ku 250,000. A ń lọ sí odò ẹran lọ́la bí a ṣe sọ, ẹja àti àsun ló dúró.” Ó fi ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan tí owó wọlé. Bí ẹni tó san apá kan kò bá tètè gbọ́ pé wọ́n rí i, á rò pé òun ti ṣe tòun. Bí ẹ bá sì dúpẹ́ láìsọ iye tó kù, ẹ ti fún un láyè láti simi.

Lọ́jọ́rú, alásè ra ẹran àti adìyẹ, kò ra ẹja, kò sì ra ewúrẹ́ àsun. Ó dun ún, ó ní ojú ti òun. Mo rọ̀ ọ́ pé kó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Bó bá yá owó rà á, ọ̀rọ̀ tó kọ ti di irọ́ nìyẹn, ẹbí náà á sì mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn pé ẹ̀rù lásán ló fi ń bà wọ́n.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Mọ́mì fi àwòrán ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ti fi 250,000 ṣọwọ́. Àlẹ́ẹ̀tì kò dún. Gbogbo wa l'Ékòó la mọ̀ pé àwòrán ìfowóránṣẹ́ kì í ṣe owó. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà, owó gidi náà sì máa ń há sójú ọ̀nà, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà ọ̀wọ́n náírà lóṣù kejì 2023. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ fún Mọ́mì pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń purọ́. Ohun tí alásè kọ ni: “Mo rí àwòrán rẹ̀ mà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò tíì hàn lọ́dọ̀ mi, bó bá ti hàn màá sọ fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.” Kò pe ẹnikẹ́ni lónírọ́, kò sì gbà pé owó ti wọlé. Kó tó di alẹ́ ó hàn nínú àkáǹtì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹja àti ewúrẹ́ wọlé. Ó ra ẹja náà wọ́n ju ti Ọjọ́rú lọ díẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ìwé tí alásè náà ń fún onínàáwó lónìí ti yí padà. Ibi tó ti máa ń kọ “kí ọjọ́ tó pé”, orúkọ ọjọ́ àti aago ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Bí wọ́n bá fi àwo kún un, kì í tún sọ “ó ti yé mi mà” mọ́ láìfi iye rẹ̀ tì í lójú ẹsẹ̀. Ó sì máa ń béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ta ni àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó máa fẹ́ rí ìwé owó. Ọ̀rọ̀ ìránnilétí ń lọ nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹbí lè rí ọjọ́ Àìkú kan fi sọ ọ́.

Àwọn alásè kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù sọ pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù, pé kí wọ́n gba owó pé kó tó di ọ̀sẹ̀ ìnáwó, bí kò bá pé, kí wọ́n má dáná. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tí àwọn oníbàárà tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Alásè Muṣin tó jẹ́ pé ẹnu àwọn tó jẹun níbi òde àná ló ń wá iṣẹ́ fún un, ẹbí márùn-ún ló ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń bá Mọ́mì kan sọ̀rọ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ kíkọ kì í dé. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ onínàáwó rárá, bó ti wù kí wọ́n tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ tó, kò ní mú un jáde. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ẹni tó ní owó tó ń bá ẹbí fà á máa ń jiyàn lórí iye, bí Mọ́mì ṣe ṣe. Ẹni tí kò ní máa ń gbà gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ, á ní “kò burú, ẹ má jára yín láyà”, kò sì ní bi yín ní àkáǹtì. Ẹni yẹn, ìpè ló kàn án kí Ọjọ́rú tó dé, kí ẹ jọ jókòó, kí ẹ dín àwo kù sí ohun tí àsansílẹ̀ rẹ̀ tó, nígbà tí ẹran kò tíì sí nílé yín.